Títún iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe sí èdè Fiẹ́tínámù: ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń bá ẹni sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin àbúrò wa, ibi tí ìtumọ̀ tí ẹ̀rọ ṣe ti máa ń bàjẹ́ jù láti Gẹ̀ẹ́sì sí Fiẹ́tínámù ni ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ. Èdè yìí máa ń fi ọ̀rọ̀ ìbátan rọ́pò. Ẹ̀gbọ́n obìnrin a pe ara rẹ̀ ní «chị», a pe àbúrò rẹ̀ ní «em». Tó bá yíjú sí ìyá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ a di «con», ìyá a di «mẹ». «O» àti «ẹ» tiwa kò tó o fi wé, torí bí ènìyàn ṣe ń pe ara rẹ̀ gan-an ló ń yí.

Ẹ̀rọ tó ń wo gbólóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan kò mọ ìbátan yìí, ó sì sábà máa ń sá sábẹ́ «tôi» àti «bạn», ìyẹn «èmi» àti «ìwọ». Ká ní Hoa ń rán Linh, àbúrò rẹ̀, létí pé òun ti ní kó sinmi. Ẹ̀rọ lè gbé èyí wá:

«Tôi đã bảo bạn nghỉ đi rồi.»

Gírámà rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n àjèjì ló ń bá àjèjì sọ̀rọ̀. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni:

«Chị đã bảo em nghỉ đi rồi.»

Nítorí náà, ẹ ka orísun tán kí ẹ tó tún ohunkóhun ṣe, kí ẹ sì fi tábìlì kún àkójọ ọ̀rọ̀ tí a fẹnu kò sí: Hoa sí Linh, chị/em, Linh sí Hoa, em/chị. Ẹ kọ ojú méjèèjì. Bí àjèjì méjì bá di olólùfẹ́, tí «tôi» àti «cô» wá di «anh» àti «em», ẹ kọ orí ìwé tí ìyípadà náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má ṣe fi àṣẹ kan ṣoṣo pààrọ̀ gbogbo «bạn» sí «em». «Bạn bè», ìyẹn àwọn ọ̀rẹ́, á di «em bè». Tí ẹ bá sì fọwọ́ kan «anh» bẹ́ẹ̀, «tiếng Anh», orúkọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, á bàjẹ́. Ẹ wá a, kí ẹ wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ti orúkọ ènìyàn tún le, torí Gẹ̀ẹ́sì máa ń bọ́ àmì kúrò lórí rẹ̀. «Dung» lè jẹ́ Dung, tó sábà ń jẹ́ orúkọ obìnrin, tàbí Dũng, orúkọ ọkùnrin. Ẹ bi ẹni tó gbé iṣẹ́ wá. Ẹ má méfò. Orúkọ ìdílé ló ń ṣáájú, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni gan-an ni wọ́n fi ń pe ènìyàn: Nguyễn Văn An, «ông An» ni, kì í ṣe «ông Nguyễn».

Bí àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà ṣe bá ní ọ̀rọ̀ kan kò sí nínú àkójọ, tí ojú yín sì ń rí i níbẹ̀, ẹ wo ibi tí àmì ohùn jókòó sí. «Hòa» àti «hoà» jọ tọ̀nà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì ni lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ sínú àkójọ, kí ẹ sì yí gbogbo fáìlì sí `NFC`, ìlànà Unicode tó ń so lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan, kí ẹ tó tún àyẹ̀wò ṣe.