BPD kéré, orí gùn: ohun tí ìwé síkáànì kan kọ́ mi ní Surulere

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ síkáànì, ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni mo kọ ìwé èsì kan tó mú aláboyún sunkún mọ́jú. Ilé ìwòsàn kékeré kan ni, ní Surulere, níbi tá a ti ń gbọ́ ariwo àwọn kọ̀ńdọ́ Ojúẹlẹ́gba láti ojú fèrèsé. Mo ya ọmọ, mo tẹ ìwé jáde, mo ní kí ìyàwó nu inú rẹ̀, ó lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun àti ọkọ rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí n tó dé.

"Dókítà, ṣé ọmọ mi kò jẹun ni?"

Mi ò kí ń ṣe dókítà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti fi jẹ́ẹ̀lì sí èèyàn níkùn, dókítà ni wọ́n ń pè é. Mo ti ṣíwọ́ àríyànjiyàn. Ó na ìwé sí mi, ó fi ìka sórí ìlà àkọ́kọ́:

```
BPD   76 mm   30w3d
HC   293 mm   32w2d
AC   279 mm   32w0d
FL    62 mm   32w1d
GA   31w5d
EDD  10 Oct
EFW  1.85 kg
```

Àbúrò ọkọ rẹ̀ tó mọ̀wé ló bá wọn kà á lálẹ́. Ó ní w ni ọ̀sẹ̀, d ni ọjọ́, òótọ́ sì ni. Ó wá ní orí ọmọ ti fi ọ̀sẹ̀ méjì rẹ̀yìn sí ara rẹ̀, àti pé wọ́n ti sún ọjọ́ ìbímọ síwájú, torí October 7 ni ìwé síkáànì àkọ́kọ́ kọ. Èmi ni mo fún un láyè láti rò bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mi ò sọ fún wọn rèé. Ẹ̀rọ kò mọ ọjọ́ orí oyún. Gígùn nìkan ló mọ̀. A óò fi àmì méjì sí ibi tá a fẹ́ wọ̀n, ẹ̀rọ á ní mìlímítà 76 ni, á wá wo tábìlì tó wà nínú rẹ̀, á ní lára àwọn ọmọ tí wọ́n fi ṣe tábìlì yẹn, èyí tí BPD rẹ̀ jẹ́ 76 sábà máa ń wà ní ọ̀sẹ̀ 30 ó lé ọjọ́ mẹ́ta. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. BPD ni ìbú orí láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, HC ni àyíká orí, AC ni àyíká ikùn, FL ni gígùn egungun itan. Ìlà mẹ́rin, tábìlì mẹ́rin. GA tó wà nísàlẹ̀, ìyẹn ọjọ́ orí oyún, ni ẹ̀rọ rí nígbà tó ro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ tó fi mẹ́rin pín in. Bí ọ̀kan bá wá sílẹ̀, á fa GA wálẹ̀, á sì ti EDD, ìyẹn ọjọ́ ìbímọ, síwájú.

Kí ló wá fa BPD wálẹ̀? Mo tún ìyàwó náà dùbúlẹ̀. Ẹ̀rù àkọ́kọ́ tó bà mí ni pé bóyá ọwọ́ mi ló dagun. Bí àwòrán tẹ́ ẹ yà bá gé orí ọmọ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n á bàjẹ́, ẹ̀rọ kò sì ní bá yín wí. Ẹ wá ìlà àárín tó pín ọpọlọ sí méjì, kí apá méjèèjì rí bákan náà, kí thálámọ́sì hàn ní ẹ̀gbẹ́ ìlà náà. Bí ọpọlọ kékeré tó wà ní ìpàkọ́ bá yọjú, ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ jù. Mo wò ó dáadáa, ojú ibi tó yẹ ni mo wà. 76 náà ló tún jáde.

Ìgbà yẹn ni mo ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe láàná: mo wọn orí láti iwájú dé ìpàkọ́. Mìlímítà 108. Mo fi 108 pín 76, ó fún mi ní 0.70. Èyí tó wọ́pọ̀ wà láàrin nǹkan bíi 0.74 sí 0.83. Orí ọmọ náà gùn gbọọrọ ni, kò kéré. Ìdí ọmọ náà ló wà nísàlẹ̀, orí rẹ̀ wà lókè lábẹ́ ìhà ìyá rẹ̀, orí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sì sábà máa ń rí báyìí, torí egungun orí kò tíì so pọ̀, ó ń gba ìtẹ̀. Bọ́ọ̀lù rọ́bà ni mo fi ṣàpèjúwe fún ọkọ rẹ̀: fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìbú rẹ̀ á dín, gígùn rẹ̀ á lé, ṣùgbọ́n okùn tó yí i ká kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Okùn yẹn ni HC, HC rẹ̀ sì wà ní ọ̀sẹ̀ 32 bíi ti ikùn àti itan. Ó mi orí, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ó yé mi."

Ká ní AC ló wá sílẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀, mi ò sì ní fi bọ́ọ̀lù ṣàwàdà. Inú ikùn ni ẹ̀dọ̀ wà, ibẹ̀ sì ni ọmọ ń kó oúnjẹ pamọ́ sí. Bí oúnjẹ tó ń gba ibi ọmọ wọlé bá dín, ikùn ló sábà máa ń kọ́kọ́ fi hàn, nígbà tí orí ṣì ń dàgbà. Nítorí náà, bí AC bá kéré tí HC sì dára, ẹ má fi aláboyún ránṣẹ́ sílé pẹ̀lú ìwé lásán. Ẹ kọ́kọ́ rí i pé àpò oúnjẹ ọmọ hàn, pé kíndìnrín kò yọjú, pé ikùn rí róbótó. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù, á rí bí ẹyin. Bó bá ṣì kéré, dókítà rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ lọ́jọ́ náà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbímọ. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ìwé síkáànì àkọ́kọ́. March 4 ni wọ́n ṣe é, CRL 23 mm, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án géérégé. CRL ni gígùn ọmọ láti àtàrí dé ìdí, kò sì sí ìwọ̀n tó mọ ọjọ́ orí oyún tó o, torí ní àsìkò yẹn gbogbo ọmọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dàgbà bákan náà. Kì í fi ju ọjọ́ márùn-ún sí méje lọ ṣìnà. Síkáànì tá a bá ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 28 lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣìnà, torí ọmọ kan ti sanra, èkejì tín-ín-rín, bíi tàwa níta. Mo ka kàlẹ́ńdà láti March 4 dé August 13 tí mo ya ọmọ yìí: ọjọ́ 162, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 23 ó lé ọjọ́ kan. Fi mẹ́sàn-án kún un, ó jẹ́ 32w1d. Ọjọ́ kò sún rárá. Èmi ni mi ò fi October 7 sínú ẹ̀rọ kí n tó bẹ̀rẹ̀, tó fi jẹ́ pé EDD tirẹ̀ ló tẹ̀ jáde. Ká ní mo fi sí i ni, ẹ̀rọ ì bá kọ méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọkọ rẹ̀ tún bi mí nípa EFW, ìyẹn bí ẹ̀rọ ṣe fojú díwọ̀n pé ọmọ wúwo tó, bóyá kílò 1.85 tó. Ó tó fún ọ̀sẹ̀ 32. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé kì í ṣe òṣùwọ̀n alápatà. Orí, ikùn àti itan ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀, ó sì lè fi ìdá 15 nínú 100 lọ sókè tàbí sílẹ̀. Ọmọ náà lè jẹ́ kílò 1.6, ó lè jẹ́ 2.1.

Mo tẹ ìwé mìíràn jáde, mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ọjọ́ síkáànì àkọ́kọ́ la ó máa tẹ̀ lé, pé orí gùn, pé ìdí ọmọ ló wà nísàlẹ̀. Nígbà tí ìyàwó náà padà wá ní ọ̀sẹ̀ 36, ọmọ ti yí, orí ti wà nísàlẹ̀. Ó kó gbogbo ìwé rẹ̀ wá nínú ọ̀rá. Lórí èyí tó mú un sunkún, ó ti fi báírò fa ìlà la 10 Oct kọjá, ó kọ 7 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.