Lẹ́tà 200 péré: bí mo ṣe kọ nóòtù tí wọ́n fi gbà mí lórí LinkedIn

Ní Ṣómólú níbí, iṣẹ́ tèmi ni kí n túmọ̀ fídíò sí Yorùbá, àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde nísàlẹ̀ fídíò yẹn, èmi ni mo máa ń kọ ọ́. Àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún wa sábà máa ń sọ pé ìlà kan ò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 42 lọ, àlàfo náà wà nínú ẹ̀ o, torí náà látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ni mò ń gé. Èmi yìí kan náà ni mi ò wá mọ bí mo ṣe máa gé ọ̀rọ̀ ara mi nígbà tí mo fẹ́ kí àǹtí kan gbà mí lórí LinkedIn.

Àǹtí yẹn, Yábàá ni ọ́fíìsì wọn wà, àwọn ló máa ń yan ẹni tó máa túmọ̀ fídíò ìlera. A ò mọra rí. Ṣé ẹ mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá tẹ Connect lórí próófáìlì èèyàn, ó máa bi yín bóyá ẹ fẹ́ kọ nǹkan sí i, Add a note nìyẹn, àbí kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo tẹ Add a note, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn ayé mi. Mo kí wọn dáadáa, mo dárúkọ ara mi, mo sọ ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo bẹ̀bẹ̀, mo tún dúpẹ́ ṣáájú. Nígbà tí mo máa fi gbójú sókè wo nọ́ńbà tó ń ka lẹ́tà, mo ti kọjá 200 tipẹ́, kò sì gbà á.

200 yẹn, ti àwa tí a kì í sanwó ni. Ẹni tó bá ń san owó Premium ní 300. Tẹ́lẹ̀ gbogbo wa la jọ ń lo 300, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwọn nóòtù tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ pé kẹ́ ẹ kàn dà á kọ kì í fi í wọlé mọ́. Kì í sì í ṣe iye tó bá wù yín lẹ máa kọ, ìwọ̀nba nóòtù díẹ̀ ni wọ́n máa fún yín lóṣù, tó bá ti tán ó di kẹ́ ẹ máa fi ríkúẹ́ẹ̀stì lásán ránṣẹ́ títí oṣù míì á fi wọlé. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá fi ọ̀kan ṣòfò, ó ti ṣòfò nìyẹn.

Ṣùgbọ́n nǹkan tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ọ̀rọ̀ mi ò fi bẹ́ẹ̀ gùn tó bí nọ́ńbà yẹn ṣe ń sọ. Mo wá jókòó tì í, mo ń tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo tẹ à, ó kà á ní ẹyọ kan. Mo tẹ ẹ, ẹyọ kan. Mo tẹ ẹ̀, ó fò lọ sí méjì! Ó wá yé mi. Kọ̀ǹpútà ní à tó ti wà ní odidi, ó ní ẹ àti ọ àti ṣ náà ní odidi, ó tiẹ̀ ní ń, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀ àbí ọ́ tó jẹ́ ẹyọ kan, ńṣe ló máa mú ẹ, á wá gbé àmì lé e lórí, àmì yẹn náà sì ń jẹ àyè tiẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù míì tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé o lọ́tọ̀, tóńtó ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, àmì òkè lọ́tọ̀, ó di mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ìmójì náà, ó kéré tán méjì ni wọ́n máa ń kà á. Ẹni tó bá ń kọ Gẹ̀ẹ́sì ò lè mọ̀ pé irú nǹkan báyìí wà, àwa tí à ń kọ Yorùbá la máa ń san owó orí ẹ̀.

Kí ni mo wá ṣe? Mo yọ gbogbo àmì kúrò, mo gé ibi kan sọnù, mo fi ránṣẹ́ nínú dánfó ní Fádéyí kí n tó bọ́ sílẹ̀. Ohun tó kù tí mo fi ránṣẹ́ rí báyìí, láìsí orúkọ mi: «E kaaro ma, mo je ogbufo Yoruba, inu mi maa dun ti e ba le gba mi ki n le maa ko eko lara yin, e jowo ma ti ise ba wa e ranti mi.»

Ọ̀sẹ̀ kan, wọn ò dáhùn. Ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí nǹkan. Tí wọ́n bá tẹ Ignore, wọn kì í sọ fún ẹni tó fi ránṣẹ́, torí náà ẹ ò ní mọ̀ bóyá wọ́n ti kọ̀ yín àbí wọn ò tíì rí i. Bọ̀dá tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló gba fóònù lọ́wọ́ mi pé kí n jẹ́ kí àwọn ka nǹkan tí mo kọ. Wọ́n kà á, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, «Ti ise ba wa e ranti mi. Ìwọ, ṣé tí iṣẹ́ bá wà ni, àbí tí ìṣẹ́ bá wà? O ní kí wọ́n rántí ẹ tí ìṣẹ́ bá dé!» Ojú tì mí. Èmi tí mo ní ògbufọ̀ ni mí, ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ ògbufọ̀ wò ni mo fi Yorùbá tí kò lámì ránṣẹ́ sí. Nóòtù yẹn fúnra ẹ̀ ti tú mi fó.

Bọ̀dá tún sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù. Wọ́n ní ká gbà pé àmì wà lórí ẹ̀, kí ló wà níbẹ̀ fún àǹtí yẹn? Pé inú mi máa dùn, pé mo fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́, pé kí wọ́n rántí mi, tèmi ni gbogbo ẹ̀. Mo lè fi nóòtù yẹn ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni láyé, dókítà, lọ́yà, ẹni tó ń ta táyà, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó máa yí padà. Wọ́n ní báyìí ni kí n máa fi dán an wò: tí nóòtù bá ṣeé fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì láìyí nǹkan kan padà nínú ẹ̀, kí n má fi ránṣẹ́.

Mo lọ fa ríkúẹ́ẹ̀stì yẹn padà, Withdraw ni wọ́n ń pè é, ó wà lábẹ́ Sent níbi tí àwọn ríkúẹ́ẹ̀stì wà. Ẹ ṣọ́ra níbí o, tẹ́ ẹ bá ti fà á padà, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó jẹ́ kẹ́ ẹ tún fi òmíràn ránṣẹ́ sí ẹni yẹn. Mi ò mọ̀ kí n tó ṣe é, mo kàn fà á ni. Àmọ́ ìdúró yẹn padà ṣe mí láǹfààní, torí mo tẹ Follow, mo wá ń ka gbogbo nǹkan tí àǹtí yẹn ń gbé síbẹ̀, ohun tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ ṣe látàárọ̀ ọjọ́.

Nígbà tó máa tó ọ̀sẹ̀ kejì, àǹtí béèrè ìbéèrè kan. Wọ́n ní tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò bá ń yára, tó sì ń dárúkọ abẹ́rẹ́ àjẹsára ní gbogbo ìgbà, báwo la ṣe ń ṣe é kí ìlà má baà gùn jù? Mo pariwo níbi tí mo jókòó sí. Ìṣòro tó ń dà mí láàmú lójoojúmọ́ nìyẹn! Mo ti nídìí tí mo fi máa kọ̀wé sí wọn báyìí.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé alábala lákọ̀ọ́kọ́, mi ò kọ ọ́ sínú àpótí yẹn. Orúkọ mi ló kọ́kọ́ kúrò, torí wọ́n máa rí orúkọ àti iṣẹ́ tí mo kọ sábẹ́ ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nóòtù yẹn, kí ni mo tún fẹ́ fi lẹ́tà ọgbọ̀n dárúkọ ara mi fún? Ẹ̀bẹ̀ kúrò. Ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kúrò, mo fi iye fídíò tí mo ti ṣe rọ́pò ẹ̀, torí ẹni tó bá gbọ́ «ọdún pípẹ́» ò rí nǹkan kan dì mú. Ìkíni ni mo bá jà jù. Bọ̀dá ní kí n yọ ọ́, mo ní rárá, mi ò lè wọlé tọ àgbà kí n má kí wọn, «Ẹ kú iṣẹ́ mà» kò ju 13 lọ, kí wọ́n fi í sílẹ̀ jàre. Ohun tó jáde nìyí:

«Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo rí ìbéèrè yín lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Èmi máa ń kọ ọ́ ní pípé lẹ́ẹ̀kan, n ó wá lo àjẹsára nìkan. Mo ti túmọ̀ fídíò ìlera 11. Tí ẹ bá gbà mí, n ó fi méjì ránṣẹ́ kí ẹ wò ó.»

Tẹ́ ẹ bá fojú kà á, 177 ni. Nọ́ńbà inú àpótí ní 185, torí ibi mẹ́jọ ni àmì ti gun orí ẹ àbí ọ. Gbogbo àmì wà níbẹ̀, ó sì wọlé. Ọ̀rọ̀ ni mo gé, mi ò gé àmì.

Ẹ wo bó ṣe tò ó. Gbólóhùn kejì sọ bí mo ṣe mọ̀ wọ́n, nǹkan tí àwọn fúnra wọn kọ ni. Ẹ̀kẹta dá wọn lóhùn lójú ẹsẹ̀, kódà tí wọn ò bá gbà mí, ìdáhùn ti dọ́wọ́ wọn. Èyí tó gbẹ̀yìn sọ nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá tẹ Accept, nǹkan kékeré, fídíò méjì tí wọ́n lè wò nígbà tí wọ́n bá ń jẹun ọ̀sán. Mi ò dárúkọ iṣẹ́ rárá. Ẹni tó ń yan ògbufọ̀ tó bá rí iṣẹ́ ògbufọ̀ tó dáa, ṣé ó dìgbà tí mo bá sọ fún un?

Ohun kan tún wà lórí fóònù tó ti ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn báyìí. Tẹ́ ẹ bá tẹ Connect níbi tí wọ́n ti ń to orúkọ àwọn tẹ́ ẹ lè mọ̀ jọ, ó lè lọ tààrà láìbi yín nípa nóòtù. Ẹ wọ inú próófáìlì ẹni yẹn, ẹ tẹ More, ẹ wá Personalize invite níbẹ̀. Láptọ̀ọ̀pù ni mo fi ṣe tèmi, mi ò lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ta tẹ́tẹ́.

Mo ti fi ọ̀nà yìí ránṣẹ́ sí àwọn míì lẹ́yìn ìgbà yẹn, kì í ṣe gbogbo wọn ló gbà mí o, àwọn kan wà tí wọn ò tiẹ̀ ṣí LinkedIn fún odidi oṣù. Tí mi ò bá sì rí ohun kan pàtó sọ fún ẹnì kan, mo kàn máa ń tẹ Follow ni, mo ń tọ́jú nóòtù mi. Fún ẹni tó ti mọ̀ mí tẹ́lẹ̀, irú ẹni tí a jọ lọ sílé ìwé, mi ò kọ nǹkan kan sí i, orúkọ mi ti tó.

Àǹtí gbà mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Tí wọ́n bá ti gbà yín, nóòtù yẹn máa di ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú àpótí méséèjì ẹ̀yin méjèèjì, torí náà mi ò ní láti ṣàlàyé ara mi tuntun, abẹ́ ẹ̀ níbẹ̀ ni mo fi fídíò méjì yẹn sí. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá. Mo ti ń rò ó pé wọn ò wò ó, àfi bí fóònù mi ṣe dún nígbà tí mò ń bu epo sínú jẹnẹ́rétọ̀. Àǹtí kọ̀wé pé: «Mo ti wo méjèèjì, ó dáa. Ìlà 17 nínú èkejì ju 42 lọ.»

Mo lọ kà á. 44 ni.