Ìwé kékeré inú àpò mi

Inú kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mo wà lánàá, láti Ìbarà lọ sí Pàǹṣẹ́kẹ́, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pè: “Àyè iṣẹ́ kan ṣí. Fi síífíì rẹ ránṣẹ́ kó tó di aago 4.” Aago 3 sì ti kọjá!

Lọ́dún tó kọjá, irú ìpè yìí bá mi lófìfo. Gbogbo àkọsílẹ̀ mi wà nínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí mo ti kúrò. Ni mo bá kọ “mo bójú tó sítọ́ọ̀”. Ta ni kì í bójú tó sítọ́ọ̀?

Láti ìgbà náà, ní ọjọ́ Ẹtì, mo máa ń kọ ìlà mẹ́rin sínú ìwé tèmi: bí nǹkan ṣe wà tẹ́lẹ̀, ohun tí èmi fúnra mi ṣe (kì í ṣe “àwa”), bó ṣe wá rí, àti ẹni tó lè jẹ́rìí. Ti oṣù Kẹta rèé: kíka ọjà ń gba ọjọ́ 4, mo kọ nọ́ńbà sí ara selífù kọ̀ọ̀kan, ó di ọjọ́ 2, oníṣirò owó wa mọ̀ sí i. Orúkọ oníbàárà àti owó ọ́fíìsì kì í wọbẹ̀ o, ẹjọ́ ni.

Nínú síífíì, ó di gbólóhùn kan: “Mo dín àkókò kíka ọjà kù láti ọjọ́ 4 sí 2.” Mo fi oyè iṣẹ́ tuntun tí wọ́n fún mi lóṣù Kẹfà sókè rẹ̀. Aago 3:50, ó ti lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ṣé o ti ń retí mi ni?”