Ìlẹ̀kẹ̀ Kan Lórí Bọ́tìnì

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn láti Abẹ́òkúta, súpà gúlù ṣì gan mọ́ mi níka. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn Màmá ni mo bá lọ, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó sùn.

Glọkómà ló ń bá ojú Màmá jà. Kì í ṣe èyí tí nǹkan funfun ń bo ẹyin ojú, tí wọ́n lè ṣiṣẹ́ abẹ fún kí ènìyàn tún máa ríran. Èyí tó bá lọ nínú ìríran wọn ti lọ nìyẹn. Oògùn tí à ń kán sí i lálaalẹ́ kàn ń ṣọ́ èyí tó kù ni. Ẹ̀gbẹ́ ojú méjèèjì ti ṣókùnkùn, àárín nìkan ló kù, bí ẹni ń yọjú wòran láti inú ihò kọ́kọ́rọ́.

Èmi ò ronú lórí ihò kọ́kọ́rọ́ yẹn nígbà tí mo kọ́kọ́ fẹ́ ra nǹkan fún wọn. Mo kó ogún orin inú ìwé orin wọn lọ fún àwọn tó ń tẹ̀wé, mo ní kí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà tẹ̀ ẹ́. Ó ná mi lówó, ó sì dára lójú. Màmá ṣí i, wọ́n gbé e súnmọ́, wọ́n gbé e jìnnà. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, àwọn lẹ́tà yìí ti sanra jù, mẹ́ta péré ló ń wọlé sí mi lójú lẹ́ẹ̀kan." Òótọ́ ni. Bí lẹ́tà bá ṣe ń tóbi tó ni èyí tí ihò kékeré yẹn lè gbà ń dín kù. Ìwé orin wọn àtijọ́ pàápàá sàn jù ú lọ tí iná bá mọ́lẹ̀ dáadáa, àfi pé kì í pẹ́ tó fi ń rẹ̀ wọ́n.

Mo bá yíjú sí etí. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan báyìí tó ń gba mẹ́mọ́rì káàdì ni mo kọ́kọ́ rà, àṣìṣe kejì nìyẹn. Bọ́tìnì kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjì: tí o bá tẹ̀ ẹ́ fẹ́rẹ́ yóò bọ́ sórí orin mìíràn, tí o bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́ yóò máa pariwo sí i. Ìka àgbàlagbà kì í tẹ nǹkan fẹ́rẹ́. Gbogbo ìgbà tí Màmá bá ń wá orin kejì ni ẹ̀rọ ń ké mọ́ wọn lórí. Mo gbé e fún àbúrò mi, mo lọ ra rédíò tó ní róòlù tí wọ́n ń yí fún ohùn lọ́tọ̀, tó sì ń lo bátìrì BL-5C, irú èyí tó wà nínú fóònù àtijọ́, nítorí kò sí àdúgbò tí wọn kì í ti í tà á.

Ìlẹ̀kẹ̀ dé sórí bọ́tìnì nísinsìnyí. Ẹyọ kan lórí èyí tó ń mú orin bẹ̀rẹ̀, tó tún ń dá a dúró. Méjì lórí èyí tó ń lọ síwájú. Ẹ̀kán gúlù tó tóbi tó orí abẹ́rẹ́ ló tó o. Ti àkọ́kọ́ tí mo kán sí i pọ̀, ó ṣàn wọ abẹ́ bọ́tìnì, mo sì fi abẹ́rẹ́ tú u fún bíi wákàtí kan kó tó lè wọlé jáde. Bọ́tìnì tó ń gbé ènìyàn kúrò lórí mẹ́mọ́rì bọ́ sórí rédíò lásán, mo gé ike ìdérí ìgò, mo fi bò ó, mo sì fi téèpù dè é. Ọwọ́ wọn ń kan án tẹ́lẹ̀, wọn á sì jókòó ti ariwo ṣáá títí ẹnìkan á fi wọlé.

Ohun tó wà nínú káàdì ló gbà mí lákòókò jù. Mo rò pé orin àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ni màá kó sí i. Màmá gbọ́ méjì, wọ́n ní orin dùn ṣùgbọ́n àwọn ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì á mọ̀ ọ́n: púpọ̀ nínú orin tí wọ́n túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì, ohùn orin ń lọ sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ á wá di nǹkan mìíràn lẹ́nu. (Ìdí nìyí tí Màmá fi fẹ́ràn orin ohùn ìbílẹ̀, irú èyí tí Kánọ́ọ̀nù J. J. Ransome-Kuti kọ sórí àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922.) Ẹni tó ń wo ìwé kò ní mọ̀ ọ́n lára, ojú ń bá a gbé ọ̀rọ̀. Màmá kò rí ìwé mọ́. Wọ́n rántí ẹsẹ àkọ́kọ́ gbogbo orin. Ẹsẹ kẹta ló máa ń sá mọ́ wọn lọ́wọ́.

Nítorí náà a ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é láyé ìgbà tí ìwé kò kárí: mo ka ẹsẹ kan sókè bí ẹni ń sọ̀rọ̀, Màmá àti ọ̀rẹ́ wọn kan nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá á sì kọ ọ́. Orin mọ́kànlá la gbà láàárọ̀ Sátidé. Mo sọ wọ́n lórúkọ `001`, `002`, bẹ́ẹ̀ lọ, rédíò sì tún dà wọ́n rú! Ìgbà tí mo dán an wò títí ni mo mọ̀ pé kò ka nọ́ńbà sí, bí fáìlì ṣe ṣáájú ara wọn wọ káàdì ló ń tẹ̀ lé. Mo nu gbogbo rẹ̀ kúrò, mo sì ń kó wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ku àlọ́. Lọ́sàn-án Sátidé mo gbé fóònù sórí tábìlì, mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ̀. Ta ní ń pàlọ́ lọ́sàn-án? Àti pé ta ni yóò gbè é? Nígbà tó di aago mẹ́jọ alẹ́, iná lọ, fáànù dákẹ́, mo kó àwọn ọmọ àbúrò mi jókòó sórí ẹní. Mo ká ìró sí ìlọ́po mẹ́rin sórí àpótí kékeré, mo gbé fóònù lé e ní nǹkan bí àtẹ́lẹwọ́ kan sí ẹnu Màmá, nítorí wọ́n máa ń fi ọwọ́ lu tábìlì tí ìtàn bá gbóná. Mo ti ìpè pa. "Ààlọ́ o!" Àwọn ọmọ ní "Ààlọ̀!" Ohùn Màmá yí padà lójú ẹsẹ̀. Ti Ìjàpá tó fi fìlà bo ẹ̀bẹ gbígbóná nílé àna rẹ̀ ni wọ́n pa, ogún ìṣẹ́jú gbáko, àwọn ọmọ sì ń gbè é dé òpin.

Láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn ìsìn, mo fi rédíò lé wọn lọ́wọ́. Ìka wọn rí ìlẹ̀kẹ̀ kan, ó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbọ́ ohùn ara wọn, wọ́n béèrè pé ta ni ìyá arúgbó yẹn. A rẹ́rìn-ín títí. Orin mọ́kànlá yẹn ò tilẹ̀ dá wọn dúró. Ìlẹ̀kẹ̀ méjì ni wọ́n ń tẹ̀ títí wọ́n fi dé ibi àlọ́. Wọ́n gbọ́ ọ dé ibi tí Ìjàpá ti ń dágbére fún àna, wọ́n tẹ ìlẹ̀kẹ̀ kan, ó dákẹ́.

"Mo ti fo orin kan níbí, Àbẹ̀kẹ́. Kò lè lọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ wo lò ń bọ̀?"

Mo ní Sátidé, alẹ́. Wọ́n ní kí n má gbàgbé àwọn ọmọ.