Lẹ́tà ẹnjiníà kan láti òkè òkun

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn iléeṣẹ́ wá òṣìṣẹ́. Láàárọ̀ yìí, ẹnjiníà iná mànàmáná kan tó fẹ́ padà sílé kọ̀wé sí mi. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gùn gbọọrọ, àmọ́ tiẹ̀ ò kún ojú ewé kan.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ni mo gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá mi kí n tó kúrò níbí. Ṣé àyè iṣẹ́ yìí ṣí sílẹ̀ lóòótọ́, àbí orúkọ lẹ ṣì ń kó jọ? Ṣé owó tí wọ́n ń san fáwọn tó wà nílé ni, àbí ti ẹni tí wọ́n gbà wá láti òkè òkun?"

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn dùn mọ́ mi. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti sábà máa ń dàrú! Ẹni tó ń bọ̀ á ṣẹ́ owó òkè òkun sí owó ilé, á tún máa retí owó ilé gbígbé. Iléeṣẹ́ ní tiwọn ò fẹ́ kí owó ẹ̀ ju tàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, torí ìjà ló máa dá sílẹ̀.

Mo dá a lóhùn pé àyè wà, owó tí wọ́n ń san fáwọn tó wà nílé ni, ṣùgbọ́n a lè dúnàádúrà lórí owó ẹrù àti ọjọ́ tó máa wọṣẹ́. Mo wá bi í bóyá àjọ tó ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀ nílé mọ̀ ọ́n.

"Rárá o, mà. Ìforúkọsílẹ̀ ti ibí nìkan ni mo ní."

Ó lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹlòmíì ná, ṣùgbọ́n fífọwọ́ sí àwòrán iṣẹ́ lè di ìṣòro. Mo ní kó kọ̀wé sí àjọ náà kó tó fiṣẹ́ ọ̀hún sílẹ̀.