Bíà "in Massen": bí mo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa jẹ́

Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tí ọmọ mi ń gbá fún ní Bẹ̀lín máa ń tẹ ìwé ìròyìn jáde. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa bá wọn wá àṣìṣe inú rẹ̀, mo nawọ́ sókè. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń sọ Jámánì, kí ló kù?

Bàbá arúgbó kan ló ń kọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ó ti kàwé tán kí wọ́n tó tún àkọtọ́ Jámánì ṣe lọ́dún 1996, nítorí náà daß àti muß ló ń kọ, bẹ́ẹ̀ dass àti muss ni tòde òní. Mo ní kí kọ̀ǹpútà sọ gbogbo ß, lẹ́tà Jámánì tí wọ́n ń pè bí s, di ss, mo sì lọ sùn.

Ilẹ̀ mọ́, akọ̀wé ẹgbẹ́ pè mí. Fußball ti di Fussball, Straße ti di Strasse, àfi bí ẹni pé Switsalándì la wà, níbi tí wọn kì í ti í lo ß. Èyí tó burú jù ni ti ìkéde àríyá. Bàbá kọ ọ́ pé kí á mu bíà in Maßen, ìyẹn níwọ̀nba. Èmi sọ ọ́ di in Massen: kí á mu ún rẹpẹtẹ. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Ó ní etí ni kí n fi ṣe é. Níbi tí bàbá bá ti kọ ß, kí n pe ọ̀rọ̀ náà sókè. Bí fáwẹ̀lì tó ṣáájú bá gùn, ß dúró: Fuß, Gruß, Straße. Bí ei tàbí au bá ṣáájú, ó dúró bákan náà: heißt, draußen. Bí fáwẹ̀lì bá kúrú, ó di ss: Fluß di Fluss. Orúkọ ènìyàn kò sí nínú èyí. Bí olórúkọ ṣe ń kọ ọ́ ni. Àwa tí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í dàrú mọ́ lójú, ó yẹ kí n ti mọ̀.

Àkọlé tí a fi lẹ́tà ńlá kọ látòkè délẹ̀ ló kù. BIER IN MASSEN kò sọ èwo ni. Láti ọdún 2017 ni ẞ ńlá ti wọ inú òfin, nítorí náà mo kọ ọ́ ní BIER IN MAẞEN.

Lẹ́yìn náà ni mo kọjú sí lẹ́tà ńlá fúnra rẹ̀. Heute abend, ìyẹn alẹ́ òní, ti di heute Abend, ṣùgbọ́n abends, tó túmọ̀ sí lálaalẹ́, ṣì ń lo lẹ́tà kékeré. Sie tó dà bí "ẹ" ọ̀wọ̀ tiwa gbọ́dọ̀ ní S ńlá, torí sie kékeré lè jẹ́ "wọ́n" tàbí obìnrin kan. Mo tún fẹ́ sọ D ńlá di kékeré nínú Du, ìyẹn "ìwọ", tí bàbá fi ń kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Akọ̀wé ní lẹ́tà ni ojú ewé àkọ́kọ́ yẹn, àti pé láti 2006 ni òfin ti gba Du padà nínú lẹ́tà. Mo fi í sílẹ̀ fún bàbá.