Kíka Iye Lítà Omi Inú Táńkì Orí Ilé Láti Inú Fọ́tò

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sídìí iṣẹ́ àbójútó ilé, ilé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìbàdàn ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Táńkì dúdú oní-2,000 lítà kan wà ní etí òrùlé ilé náà, ó kọjú sí àgbàlá. Nítorí pé táńkì dúdú kì í jẹ́ kí a rí omi inú rẹ̀ láti ìta, pùlọ́ńbà fa rọ́bà funfun kan tí a ń rí inú rẹ̀ láti ara páìpù tó ń gbé omi wọ ilé, ó gbé e dìde dé ọrùn táńkì, ó sì fi ọ̀dà funfun fa ìlà sí ara táńkì lẹ́yìn rọ́bà náà ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá mẹ́wàá, bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Bí omi bá ṣe ga tó nínú táńkì náà ni yóò ṣe ga tó nínú rọ́bà. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé a máa dúró sí àgbàlá ya fọ́tò rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, a fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù, èmi ni mo sì máa ń sọ bóyá kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ fún sọ́mọ̀ tó ń fa omi sókè sínú táńkì tàbí kí ó di òwúrọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ka 64 nínú fọ́tò náà. Gbogbo táńkì ga ní sẹ̀ǹtímítà 170, nítorí náà mo fi 64 sọ 2,000 di púpọ̀, mo pín in sí 170, mo rí nǹkan bí 750 lítà, mo sì ní kí wọ́n sùn lé e. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi ti tán. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà wà ní balùwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lára nígbà tí ẹ̀rọ dá, ó sì ní ìdánwò ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ó dùn mí púpọ̀. Lọ́jọ́ kejì mo gun orí ilé lọ pẹ̀lú téèpù.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé táńkì kò dọ́gba láti ìdí dé orí. Láti ìdí dé sẹ̀ǹtímítà 130, ara rẹ̀ gùn gbọọrọ bí àgbá, ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ lọ sókè ó ń fún wọlé bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹni tó bá pín 2,000 sí 170 ti pín omi lọ síbi tí àyè kò ti tó nìyẹn. Ohun tó yẹ ní mímọ̀ ni iye tí sẹ̀ǹtímítà kan ń gbà níbi tó ti gùn gbọọrọ. Mo fi téèpù yí táńkì ká, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 412. Mo pín in sí 3.14, mo yọ ìnípọn ara táńkì kúrò lọ́tùn-ún lósì, ó ku 130 ní ìbú inú. Ìdajì rẹ̀ ni 65, tí a bá fi 65 sọ 65 di púpọ̀, tí a tún fi 3.14 sọ ọ́ di púpọ̀, a ó rí 13,266, tí a bá sì pín in sí 1,000 kí ó lè di lítà, ó túmọ̀ sí pé sẹ̀ǹtímítà kan ń gba lítà 13.3.

Ìṣirò yìí nìkan ì bá sọ pé omi tó wà lálẹ́ ọjọ́ náà ju èyí tí mo pè é lọ, nítorí 64 ní ọ̀nà 13.3 lé ní 850 lítà. Síbẹ̀ omi tán. Àṣìṣe méjì mìíràn ló wà lẹ́yìn èyí tí mo kọ́kọ́ rí.

Èkíní nínú wọn ni ẹnu páìpù tí omi ń gbà wọ ilé. Kò sí ní ìdí táńkì. Ó fi sẹ̀ǹtímítà 10 ga ju ìdí lọ. Omi tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, nǹkan bí lítà 133, wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè dé ẹ̀rọ kankan nínú ilé. Òun náà ni ìdọ̀tí ń rọ̀ sí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe kà á mọ́ omi ìlò.

Èkejì ló ṣòro jù lọ láti rí, nítorí inú fọ́tò ni ó wà, kò sí lára táńkì. Ìgbọ̀nwọ́ páìpù tó di rọ́bà mú ti gbé e jìnnà sí ara táńkì ní sẹ̀ǹtímítà 6, bẹ́ẹ̀ ara táńkì ni ìlà wà. Àgbàlá náà há, ọmọkùnrin yìí kò lè fi ju mítà 4 jìnnà sí ògiri, omi sì fi mítà 6 ga ju fóònù ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń wòkè báyìí, ojú rẹ̀ yóò gba orí omi inú rọ́bà kọjá, kí ó tó wá balẹ̀ sí ara táńkì lẹ́yìn rẹ̀, yóò ti tún gòkè sí i. Bí ó ṣe ń gòkè ní mítà 6 lórí mítà 4 náà ni yóò ṣe gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 9 lórí sẹ̀ǹtímítà 6. Omi tó wà ní 55 ni fọ́tò gbé sí 64. Yọ 10 ti ẹnu páìpù kúrò nínú 55, ó ku 45, èyí sì jẹ́ nǹkan bí 600 lítà. 150 lítà ló fi dín sí ohun tí mo sọ fún wọn, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì oní-25 lítà mẹ́fà.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá fọ́tò tiyín ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹnì kan gun òkè, kí ó gbé ojú rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú omi, kí ó kà á, kí ẹlòmíràn sì ya fọ́tò láti ìsàlẹ̀ ní àkókò kan náà. Fífa omi sínú kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá dára láti fi yẹ 13.3 wò, nítorí 250 lítà gbọ́dọ̀ sọ omi kalẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 19, ṣùgbọ́n kò ní fi àṣìṣe ojú yìí hàn yín, nítorí bí fọ́tò àkọ́kọ́ ṣe gòkè náà ni èkejì yóò ṣe gòkè. Ohun tó yanjú rẹ̀ fún mi ni pé mo fi téèpù dúdú tí wọ́n fi ń wé wáyà ṣe ìlà náà sí ara rọ́bà gan-an. Omi àti ìlà wá wà lójú kan náà.

Bí ìlà bá ti wà lára rọ́bà, ẹ má ṣe wọn gbogbo gíga inú fọ́tò láti ìdí dé orí, nítorí àwọn ìlà òkè máa ń sún mọ́ra ju ti ìsàlẹ̀ lọ nígbà tí a bá ń wòkè. Àwọn ìlà méjì tí omi wà láàárín wọn nìkan ni kí ẹ lò. Bí àlàfo 60 sí 70 bá jẹ́ mílímítà 12 lójú fóònù, tí omi sì ga ju 60 lọ ní mílímítà 3, ó jẹ́ 62 àti ààbọ̀.

Rọ́bà fúnra rẹ̀ a máa parọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ nínú ilé nígbà tí ẹ ń ya fọ́tò, omi inú rọ́bà tó so mọ́ páìpù yóò rẹlẹ̀ ju ti táńkì lọ, ẹ dúró kí gbogbo ẹ̀rọ tì ná. Oòrùn a tún máa mú kí èéhù hù nínú rọ́bà, ìdọ̀tí a sì di ìdí rẹ̀. Ẹ ó mọ̀ tí fọ́tò àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ bá dúró sójú kan nígbà tí gbogbo ilé ti wẹ̀, tí wọ́n ti fọṣọ. Ẹ tú omi díẹ̀ sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ rọ́bà: tí kò bá tètè gòkè padà sí ibi tó wà, ó ti dí.

Nísinsìnyí, mo máa ń kọ ọ́ sí ìwé báyìí: «nǹkan bí 600, ó lè fi 25 lé tàbí dín», nítorí pé sẹ̀ǹtímítà méjì ni ojú mi lè ṣì nínú fọ́tò tí a yà nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, nígbà tí mo bá sì fẹ́ pinnu ọ̀rọ̀ sọ́mọ̀, 575 ni mo máa ń lò.